Ojú Ìmọ́lẹ̀ tí Páálí Bò Mọ́lẹ̀: Ìrírí Kan ní Àgídìngbì

Ẹni tí ó bá mọ Àgídìngbì ní Ìkẹjà yóò mọ̀ pé kì í ṣe àdúgbò tí ènìyàn ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Kádíbúrì wà. Ibẹ̀ náà ni Iléeṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Èkó, èyí tí ìjọba Alájì Látéèfù Jákàńdè dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, fìdí kalẹ̀ sí. Láàárín ariwo ọkọ̀ àjàgbé àti jẹnẹrétọ̀ àdúgbò yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ girama kan wà, tí n kò ní dárúkọ, níbi tí ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wa ti ń ṣe ìdánrawò ìkọ́ni. Fisíìsì ni ó ń kọ́ wọn. Èmi ni wọ́n yàn láti bẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka èdè Yorùbá ni mo wà, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ni ní fisíìsì rí fún ọdún mélòó kan kí n tó yà sí ọ̀nà èdè. Ìdí nìyí tí ohun tí mo bá pàdé ní kíláàsì náà fi jẹ mí lógún ní ọ̀nà méjì: nítorí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, àti nítorí ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe.

Gíréétìn ni iṣẹ́ ọjọ́ náà dá lé. Fún àǹfààní àwọn òǹkàwé wa tí kò fojú kàn án rí, àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí wọ́n ti fa ìlà wínníwínní sí lára ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ní 300 ìlà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Bí a bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní nanomítà. Nítorí náà, láti ìlà kan sí èkejì lára àwo yìí jẹ́ 3333 nanomítà. Lẹ́tà d ni à ń fi dúró fún ìwọ̀n yìí.

Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo sí àwo náà, kì í ṣe ojú kan ni yóò tàn sí lára ògiri. Ojú kan yóò wà ní àárín gbùngbùn, òmíràn yóò sì tò sí ọ̀tún àti sí òsì rẹ̀, òkùnkùn yóò sì wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìrìn ọmọ iléèwé lórí pápá ṣe àlàyé rẹ̀. Bí ọmọ méjì bá ń yan ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ẹsẹ̀ wọn ṣe déédéé, ọ̀tún yóò máa bá ọ̀tún lọ, òsì yóò máa bá òsì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá fi ẹsẹ̀ méjì péré ṣẹ́yìn, èyíinì ni ọ̀tún kan àti òsì kan, ẹsẹ̀ wọn yóò ṣì bára mu. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣẹ́yìn, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣẹ́yìn, nígbà tí èyí bá gbé ọ̀tún, èkejì yóò gbé òsì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbì ìmọ́lẹ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba àlàfo kan kọjá ń rin ọ̀nà tí ó gùn díẹ̀ ju ti àlàfo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ìyàtọ̀ ọ̀nà wọn bá jẹ́ odidi ìgbì kan, tàbí odidi méjì, tàbí odidi mẹ́ta, gbogbo wọn yóò fẹsẹ̀ bára mu, ojú ibẹ̀ yóò sì tàn. Bí kò bá jẹ́ odidi, wọn yóò pa ara wọn rẹ́.

Ìyàtọ̀ ọ̀nà yìí ni d sin θ, níbi tí θ ti jẹ́ igun tí ó wà láàárín ojú àárín gbùngbùn àti ojú tí a ń wò. Bí λ bá jẹ́ gígùn ìgbì kan, ohun tí gbogbo ìwé fisíìsì kọ sílẹ̀ nìyí:

d sin θ = nλ

Lẹ́tà n yìí gan-an ni ó dá wàhálà sílẹ̀ ní Àgídìngbì.

Àwọn ọmọ náà ti dáwó ra iná lésà pupa kékeré kan ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà. Ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ ni `630-680nm`. Wọ́n gbé gíréétìn sí iwájú patákó ìkọ̀wé, 50 sẹ̀ntímítà ni ó fi jìnnà sí i, wọ́n sì tan lésà gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí pé ojú àárín máa ń mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ páálí dúdú kan tí ó fẹ̀ tó 24 sẹ̀ntímítà mọ́ ibẹ̀, kí ó má baà dun àwọn ọmọ lójú. Ìṣọ́ra yìí dára, nítorí lésà kì í ṣe ohun ìṣeré; kò yẹ kí ó kọjú sí ojú ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kí ó kan ohun tí ń dán tí yóò tà á padà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n wọn ojú tí wọ́n rí. Wọ́n wọn láti ojú ti ọ̀tún dé ojú ti òsì tí ó bá a dọ́gba, wọ́n sì pín in sí méjì. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni èyí, nítorí pé bí páálí bá bo àárín, a kò lè bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìpín sí méjì máa ń dín àṣìṣe kù bí gíréétìn bá yí díẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni 21.2, 36.1 àti 62.4 sẹ̀ntímítà.

Bí a bá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú 50, a ó rí tánjẹ́ǹtì igun rẹ̀, a ó sì rí igun náà: 23.0, 35.8 àti 51.3 dígíríì. Títí dé ibí yìí, kò sí àléébù. Wọ́n wá pe ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ní n = 1, èkejì ní n = 2, ẹ̀kẹta ní n = 3. Gígùn ìgbì tí wọ́n rí nínú ìṣirò ni 1302 nanomítà, 975 àti 867.

Iná kan ṣoṣo, gígùn ìgbì mẹ́ta! Olùkọ́ àgbà kan tí ó wà níbẹ̀ ti dájọ́ pé ayédèrú ni lésà náà, pé kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó tà á, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa sì fo iṣẹ́ náà kọjá nítorí pé ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó dúró ti tábìlì, ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Àwọn ọmọ yìí fojú ara wọn rí àwọ̀ pupa, ṣùgbọ́n ìṣirò ń sọ pé ojú ènìyàn kò lè rí i."

Òótọ́ ni ó sọ. Ojú wa kò ju kí ó rí ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bíi 400 sí 700 nanomítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 1302 nanomítà kọjá agbára ojú. Mo ní kí ó fi gígùn ìgbì sílẹ̀ ná, kí ó kọ sáìnì igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó kọ 0.390, 0.585 àti 0.780.

Mo bi í pé, "Kí ni ó wà láàárín èyí àti èyí?"

Ó yọ wọ́n kúrò lára ara wọn. 0.195 ni ó rí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní, "Wọ́n ń gun àkàbà, sà."

Àkàbà ni lóòótọ́. Bí ènìyàn bá wo àwọn ojú náà lára patákó, kò ní rí àkàbà kankan, nítorí pé àlàfo wọn kò dọ́gba: 14.9 sẹ̀ntímítà láàárín méjì àkọ́kọ́, 26.3 láàárín méjì tí ó tẹ̀lé e. Igun fúnra wọn kò dọ́gba pẹ̀lú. Sáìnì nìkan ni ó máa ń dọ́gba, nítorí pé sáìnì ni ó wà nínú ìṣirò náà, òun sì ni n ń sọ di púpọ̀. Bí àkàbà bá ní ìdìde tí ó dọ́gba, a lè fi ẹ̀yìn sọ̀ ọ́ dé ilẹ̀. Ilẹ̀ ni ojú àárín gbùngbùn, tí sáìnì rẹ̀ jẹ́ òdo. Láti 0.780 sí 0.585, sí 0.390, bí a bá tún sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó dé 0.195; lẹ́yìn náà ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òdo. Ìgbésẹ̀ kan wà, nígbà náà, láàárín ilẹ̀ àti ojú tí àwọn ọmọ pè ní àkọ́kọ́. Igun tí sáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.195 kò ju 11.2 dígíríì lọ. Ní ibi tí patákó wà, nǹkan bíi 9.9 sẹ̀ntímítà ni yóò fi jìnnà sí àárín. Páálí dúdú náà sì bo 12 sẹ̀ntímítà ní apá kọ̀ọ̀kan.

Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n yọ páálí kúrò. Ọmọ kan kàn lọ fa etí rẹ̀ sókè, ojú pupa sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí a bá wá pe ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 2, 3 àti 4, ìṣirò yóò bára mu: 1302 tí a pín sí méjì jẹ́ 651, 1950 tí a pín sí mẹ́ta jẹ́ 650, 2601 tí a pín sí mẹ́rin jẹ́ 650. Lésà kì í ṣe ayédèrú. Ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ tọ̀nà. Àwọn ọmọ tún bèèrè bóyá ojú karùn-ún wà. Bí a bá sọ 0.195 di ìlọ́po márùn-ún, yóò jẹ́ 0.975, sáìnì lè tó bẹ́ẹ̀, igun rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bíi 77 dígíríì. Ìlọ́po mẹ́fà yóò jẹ́ 1.17, kò sì sí igun tí sáìnì rẹ̀ ju 1 lọ. Nítorí náà, karùn-ún ni òpin. A wá a kiri, a sì rí i lára ògiri ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó lé ní mítà méjì sí àárín. Ó ṣú díẹ̀, ó sì fẹ̀ gbọọrọ nítorí pé ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀gbẹ́ kan ògiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ti ẹ̀ka èdè nìyí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pe n ni ọ́dà. Àwọn ọmọ kan gbọ́ ọ bí àṣẹ, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ń pàṣẹ. Èyí kò ṣe wọ́n ní jàǹbá púpọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn gbọ́ ọ bí ipò tí nǹkan tò sí, akẹ́kọ̀ọ́ wa náà sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí "ipò" nínú ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu, ṣùgbọ́n ó tan ọmọ jẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ipò kìíní" yóò ka ojú tí ó rí, èyí tí ó bá kọ́kọ́ bá pàdé yóò di ẹni kìíní. Àmọ́ n kì í ṣe nọ́ńbà ìjókòó. Iye odidi ìgbì tí ìmọ́lẹ̀ àlàfo kan fi ṣẹ́yìn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Ojú tí páálí bò ṣì fi ìgbì kan ṣẹ́yìn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí i. Èyí tí ó tẹ̀lé e fi méjì ṣẹ́yìn, ì báà jẹ́ òun ni a kọ́kọ́ rí. Mo dábàá "òǹkà àfàsẹ́yìn" fún un. Mo mọ̀ pé àfàsẹ́yìn ní ìtumọ̀ tí kò dùn létí láàárín wa, akẹ́kọ̀ọ́ wa sì rẹ́rìn-ín sí i. Bí ẹlòmíràn bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù, mo ṣe tán láti gbà á, bí ó bá ṣá ti lè sọ ohun tí a ń kà.

Kì í ṣe páálí nìkan ni ó lè pa ojú kan mọ́. Bí àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bá fẹ̀ tó ìdajì d gẹ́lẹ́, ojú kejì àti ẹ̀kẹrin kò ní tàn rárá. Ìkíní, ẹ̀kẹta àti ìkarùn-ún nìkan ni a ó rí. Nínú irú èyí, ìdìde àkàbà yóò jẹ́ 0.390, ṣùgbọ́n ojú àkọ́kọ́ yóò wà ní 0.195, èyí tí í ṣe ìdajì ìdìde. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ nìyí. Àmì mìíràn tún wà fún irú àṣìṣe mìíràn. Bí wọ́n bá wọn 51 sẹ̀ntímítà níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ 50, n yóò tọ̀nà, ṣùgbọ́n gígùn ìgbì yóò jẹ́ 640 láti ara ojú kejì, yóò sì jẹ́ 645 láti ara ẹ̀kẹrin. Bí ìdáhùn bá ń ga díẹ̀díẹ̀ bí n ti ń ga, olùkọ́ kò gbọdọ̀ wá ẹ̀bi sí ara lésà; kí ó tún rúlà gbé sí àárín gíréétìn àti ògiri.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa wá bèèrè ohun tí ó ṣòro ju gbogbo èyí lọ. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ni wọ́n fún wọn nínú ìdánwò ńkọ́, sà?"

Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé." Igun kan ṣoṣo kò lè sọ n, kò sì lè sọ λ, ìlọ́po àwọn méjèèjì ni ó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú 35.8 dígíríì nìkan. d sin θ rẹ̀ jẹ́ 1950 nanomítà. Bí n bá jẹ́ 1, gígùn ìgbì jẹ́ 1950. Bí ó bá jẹ́ 2, ó jẹ́ 975. Ojú kò lè rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ 3, ó jẹ́ 650. Bí ó bá jẹ́ 4, ó jẹ́ 487.5. Bí ó bá jẹ́ 5, ó bọ́ sí 390, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ojú. Méjì ni ó ṣẹ́kù nínú èyí tí ojú lè rí dáadáa, 3 àti 4. Àwọ̀ ni ẹlẹ́rìí tí yóò yà wọ́n: 650 jẹ́ pupa, 487.5 sì jẹ́ aró tí ó ń fà sí ewéko. Nítorí náà, bí ìbéèrè ìdánwò kò bá sọ àwọ̀, tí kò sọ n, tí kò sì fún wa ní igun mìíràn, ìbéèrè náà kò pé. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ èyí kí ó tó fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Bí a bá fi gílóòbù funfun rọ́pò lésà, gbogbo àwọ̀ ni yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ibi 35.8 dígíríì yìí, pupa tí ó fi ìgbì mẹ́ta ṣẹ́yìn àti aró tí ó fi ìgbì mẹ́rin ṣẹ́yìn yóò bọ́ sí ojú kan náà, wọn yóò sì dàpọ̀ di àwọ̀ mìíràn tí kò sí nínú àwọ̀ òṣùmàrè. Ìtò àwọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni kì í dàpọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé òpin rẹ̀ jẹ́ 700, èyí tí ó tẹ̀lé e kò sì ní bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di 800, tí í ṣe ìlọ́po méjì 400. Bí a bá fẹ́ ya àwọn yòókù sọ́tọ̀, a lè fi ọ̀rá pupa tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn bo gílóòbù náà: aró yóò kú, pupa yóò kù.

Ó wù mí láti rántí pé aṣọ ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1785, Fráńsíìsì Họ́kínsìn kọ̀wé sí Dáfíìdì Rítínháòsì, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ aago àti ìmọ̀ ìràwọ̀, nípa ohun tí ó rí nígbà tí ó fi áńkáṣíìfù sílíkì bojú wo iná òpópónà. Rítínháòsì bá fi irun orí tò sí àárín ìdè méjì tí ó ní eyín wínníwínní, ó sì wọn igun àwọn ojú tí ó tàn. Ẹnikẹ́ni lè fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wo iná lókèèrè ní alẹ́, yóò sì rí ojú ìmọ́lẹ̀ tí ó tò bí àgbélébùú. Ṣùgbọ́n òwú aṣọ jìnnà síra wọn jù. Bí òwú 4 bá wà nínú mìlímítà kan, igun ojú àkọ́kọ́ pupa kò tó ìdáméjì nínú mẹ́wàá dígíríì, rúlà kò sì lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Ìdí tí a fi nílò 300 ìlà nìyẹn.

Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní gíréétìn, síídì àtijọ́ yóò ṣiṣẹ́. Ipa tí ó wà lára síídì fi 1600 nanomítà jìnnà síra wọn. Bí a bá tan lésà wa sí i ní òòró gangan, yóò ta ojú padà sí 24.0 dígíríì àti 54.3, kò sì ní sí ẹ̀kẹta. Lára dífídì, tí ipa tirẹ̀ jẹ́ 740 nanomítà, ojú kan ṣoṣo ni a ó rí ní apá kọ̀ọ̀kan, ní 61.4 dígíríì. Kò sí àkàbà tí a lè fi ẹ̀yìn sọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ kò sí iyèméjì: 740 tí a fi sáìnì 61.4 sọ di púpọ̀ jẹ́ 650, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ pe n ní 2, yóò ní láti sọ fún wa bí ojú rẹ̀ ṣe rí 325 nanomítà.